Àtẹ Àlàfo: Bí A Ṣe Ń Fi Síífíì Wé Ìkéde Iṣẹ́ Ní Ìlà Kọ̀ọ̀kan

Ní September 2024, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan fi ìkéde iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín ohun mímu káàkiri Èkó ló ń wá òṣìṣẹ́ akáùntì sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Síífíì tirẹ̀ tẹ̀lé e, ojú ewé méjì, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé wọ́n á pè mí?”

Mo ti jókòó rí sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣa síífíì. Ẹni tó wà níbẹ̀ kì í bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tó kọ̀wé yìí mọṣẹ́; kò tíì rí i sójú, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ohun tó ń ṣe ni pé ó gbé ìkéde sápá kan, ó gbé síífíì sápá kejì, ó sì ń wò ó bóyá ohun tó wà lọ́hùn-ún wà níbí. Ohun tí kò bá rí kà, kò sí. Nítorí náà, mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní kó ṣí Google Sheets, ká jọ ṣe àtẹ àlàfo. Excel náà á ṣe é, bébà àti bírò pàápàá á ṣe é.

Àtẹ yìí kò le: ohun tí wọ́n béèrè, ẹ̀rí rẹ̀ nínú síífíì, àti ohun tó kù. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni òpó àárín, òpó ẹ̀rí, a ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́: ẹ já ìkéde náà sí wẹ́wẹ́

Ẹ da gbogbo ìkéde náà kọ síbi tẹ́ ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n máa tì í. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ayélujára, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé gbólóhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan nínú ìkéde tiwa sọ pé ẹni náà yóò máa ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, yóò sì máa san owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ẹni tó bá fi èyí sí ìlà kan ṣoṣo yóò kọ “bẹ́ẹ̀ ni” síwájú rẹ̀ nítorí pé ó ti ṣírò owó oṣù rí, àlàfo méjì tó kù yóò sì sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Òfin tí mo ń lò ni pé tí ẹ bá lè ṣe apá kan nínú gbólóhùn láìṣe apá kejì, ìlà méjì ni wọ́n.

Ẹ má dúró lórí ibi tí wọ́n kọ àkọlé “ohun tí a ń béèrè” sí nìkan. Ibi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ tí ẹni náà máa ṣe sílẹ̀ tún kún fún ohun tí wọ́n ń béèrè, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló máa ń fò ó. Nínú ìkéde yìí, ibẹ̀ la ti rí i pé wọ́n fẹ́ ẹni tó lè kọ ìròyìn owó fún máníjà lóṣooṣù. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ àdírẹ́sì ímeèlì tí a ó fi ránṣẹ́ sí, la ti rí i pé Èkó ni kí ẹni náà máa gbé.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìkéde yìí, Gẹ̀ẹ́sì náà ló wà nínú àtẹ tí àwa ṣe. Mo kàn yí i sí Yorùbá níbí ni. Ìdí tí kò fi yẹ ká pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò hàn tí a bá dé ìlà kẹsàn-án.

Àwọn gbólóhùn bíi “ẹni tó lè fara da wàhálà” tàbí “ẹni tó ní ìtara”, èmi kì í fún wọn ní ìlà. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí irú ẹ̀ hàn lórí ìwé, ẹni tó ń ṣa síífíì náà kì í wá a.

Ìkejì: èwo ni dandan, èwo ni àfikún?

Ẹ ya òpó kan sọ́tọ̀ fún èyí, ẹ kọ Dandan tàbí Afikun síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí ìkéde bá sọ pé “ó gbọ́dọ̀”, ó ti tán. Tó bá sọ pé “yóò dáa tó bá ní”, àfikún ni. Tí kò bá sọ ọ̀kankan, ẹ wo bóyá wọ́n tún un sọ: ohun tó bá fara hàn lókè nínú iṣẹ́, tó tún yọjú nísàlẹ̀ nínú ohun tí wọ́n béèrè, dandan ni mo máa ń pè é. Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ pè é ní dandan. Kí a ṣìnà síbẹ̀ sàn ju kí a ṣìnà sódì kejì lọ.

Nínú àwọn tó jẹ́ dandan, àwọn kan wà tó dà bí ẹnu ọ̀nà. Ìwé-ẹ̀rí, ìwé tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn tí èèyàn bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, iye ọdún, ibùgbé. Ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ yọ èèyàn kúrò, nítorí pé ojú lásán la fi ń wò wọ́n, kò gba ìrònú. Ẹ fi àwọ̀ pupa kùn wọ́n.

Ìkẹta: òpó ẹ̀rí

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbí, kò sì gba àyípadà: ohun tó wà nínú síífíì ní báyìí nìkan ni kí ẹ dà kọ síbẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹ rántí pé ẹ ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹ máa sọ tí wọ́n bá bi yín. Ẹ ṣí síífíì, ẹ wá gbólóhùn náà, ẹ dà á kọ. Tí kò bá sí, ẹ kọ “kò sí”.

Níbi yìí ni èmi àti àbúrò mi ti kọ́kọ́ jiyàn. Mo bi í léèrè kíka ọjà inú sító.

“Àǹtí, mo máa ń kà á! Lóṣooṣù.”

“Fi hàn mí nínú síífíì.”

Ó yí ojú ewé kìíní, ó yí èkejì. “Kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á.”

“Kọ ‘kò sí’.”

Ó kọ ọ́, inú rẹ̀ kò dùn. Tí a bá jẹ́ kí ìrántí wọ òpó yìí, àtẹ náà yóò sọ fún wa pé kò sí àlàfo kankan, síífíì yóò sì jáde lọ bó ṣe wà, ilé á tún gbọ́ pé wọn ò pè é.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á kọ, ẹ fún un ní máàkì. 2 ni ẹ̀rí tí àlejò lè kà kó sì mọ ohun tí ẹ ṣe: iṣẹ́ wo, iye mélòó, ìgbà wo, kí lẹ fi ṣe é. 1 ni ẹ̀rí tó fara pẹ́ ẹ tàbí tí kò ṣe kedere. 0 ni kò sí. “Mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ báńkì” kò lè gba 2 láéláé. Ẹni tó ń gbé owó lọ sí báńkì lè kọ ọ́, ẹni tó ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì náà lè kọ ọ́.

Ohun tó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí:

| Nọ́ńbà | Ohun tí wọ́n béèrè | Irú | Ẹ̀rí inú síífíì | Máàkì | Ohun tó kù |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | HND tàbí dìgírì nínú ìṣirò owó | Dandan | “HND, ìṣirò owó, 2019” | 2 | – |
| 2 | Ìwé ìparí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ | Dandan | “Àgùnbánirọ̀, ìjọba ìbílẹ̀, 2020 sí 2021” | 1 | Kò sọ pé òun gba ìwé |
| 3 | Ọdún 3 lẹ́nu iṣẹ́ akáùntì | Dandan | “Òṣìṣẹ́ akáùntì, January 2022 títí di òní” | 1 | Oṣù 33 péré |
| 4 | Fífi ìwé owó wé ìwé báńkì | Dandan | “Mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ báńkì” | 1 | Kò sí iye, kò sí ìgbà |
| 5 | Kíka ọjà inú sító | Dandan | Kò sí | 0 | Gbogbo rẹ̀ |
| 6 | Ṣíṣètò owó oṣù | Dandan | “Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́” | 1 | Òṣìṣẹ́ mélòó? Kí ló ṣe? |
| 7 | Sísan owó-orí àti owó ìfẹ̀yìntì | Dandan | Kò sí | 0 | Gbogbo rẹ̀ |
| 8 | Mímọ Excel dáadáa | Dandan | “Mo mọ kọ̀ǹpútà lò” | 1 | Kò dárúkọ Excel |
| 9 | Sage 50 | Dandan | “Peachtree” | 1 | Orúkọ yàtọ̀ |
| 10 | Ìròyìn owó lóṣooṣù | Dandan | Kò sí | 0 | Gbogbo rẹ̀ |
| 11 | Kó máa gbé ní Èkó | Dandan | Àdírẹ́sì Ìbàdàn | 0 | Ibùgbé |
| 12 | ICAN | Afikun | “ICAN ń bọ̀ lọ́nà” | 1 | Ó dé ibo? |
| 13 | Ìrírí nínú òwò pípín ọjà | Afikun | Kò sí | 0 | Gbogbo rẹ̀ |

Ẹ ò ní láti fi ìka kà á. Tí irú bá wà ní òpó C, tí máàkì wà ní òpó E, ìlà mẹ́ta yìí á kà á fún yín:

```
=COUNTIFS(C2:C14,"Dandan",E2:E14,2)
=COUNTIFS(C2:C14,"Dandan",E2:E14,1)
=COUNTIFS(C2:C14,"Dandan",E2:E14,0)
```

Ẹ kọ Dandan àti Afikun lọ́nà kan náà látòkè délẹ̀, láìfi àmì sí i, kí ètò náà má bàa fo èyíkéyìí. Ẹ sì kọ 0 gan-an síbi tí kò sí; tí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kò ní kà á mọ́ 0. Ti àbúrò mi jẹ́ 1, 6 àti 4. Nínú ohun mọ́kànlá tó jẹ́ dandan, ẹyọ kan ṣoṣo ni síífíì rẹ̀ fi hàn kedere. Ó wò ó títí. “Ṣé mi ò wá mọ nǹkan kan ni?”

Ìkẹrin: irú àlàfo wo ni?

Rárá o, ó mọ̀ ọ́n. Àlàfo kò jọra. Mo máa ń pín wọn sí mẹ́ta: èyí tí ẹ ti ṣe tí ìwé gbàgbé, èyí tí ẹ ní ohun tó jọ ọ́, àti èyí tí ẹ kò ní rárá. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti dí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í rí i mọ́.

Ọ̀nà tí mo fi ń wú u jáde ni pé kí n ní kí ẹni náà sọ ọjọ́ kan fún mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ èyíkéyìí o. Fún akáùntì, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní, “Aago mẹ́jọ àárọ̀, o wọlé. Kí lo kọ́kọ́ ṣe?”

Ó ní òun àti onísító á kọ́kọ́ ka àpò àgbàdo, sóyà àti èérí àlìkámà, òun á fi iye tó wà nílẹ̀ wé iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà, tí kò bá dọ́gba àwọn méjèèjì á buwọ́ lu ìwé ìyàtọ̀. Ìlà karùn-ún nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun á gba ìwé láti báńkì mẹ́ta. Ìlà kẹrin. Kó tó di aago márùn-ún, òun á ti fi ojú ewé kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá: owó tó wọlé, owó tó jáde, àwọn tó jẹ ilé-iṣẹ́ ní gbèsè. Ó ti ń ṣe é láti ọdún méjì, kò mọ̀ pé “ìròyìn owó lóṣooṣù” lorúkọ rẹ̀. Ìlà kẹwàá.

Ibi mìíràn tí ẹ lè wò ni àwọn fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì àti àwòrán inú fóònù. Inú àwòrán fóònù rẹ̀ la ti rí èyí tó dáa jù. Ẹ rántí February àti March 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù sanwó tí owó náà ò sì dé? Àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ wọn ń mú ìfitónilétí báńkì wá pé àwọn ti sanwó, àmọ́ owó ò tíì wọlé. Ó ní ìwé kékeré kan tó fà sí ìlà, tó ń kọ orúkọ, ọjọ́, iye àti nọ́ńbà ìsanwó sí, tó sì ń fi wé ìwé báńkì ní àràárọ̀. Ó ti ya àwòrán rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rí gidi nìyẹn, síífíì sì ń sọ pé “mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ báńkì”.

Àárín ìtàn yìí náà ni mo ti rí àṣìṣe tèmi. Mo bi í léèrè ìlà keje, ó ní òun ló ń ṣe ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú 100 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́, tí òun sì ń rí i pé ó jáde kó tó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Ṣùgbọ́n owó-orí? Akáùntáǹtì kan láti ìta ló ń bá wọn ṣe ìyẹn; òun kàn ń fún un ní ìwé owó oṣù ni. Ìlà tí mo rò pé ó jẹ́ ọ̀kan, méjì ni. A gé e: 7a fún owó-orí, 7b fún owó ìfẹ̀yìntì. Dandan di méjìlá, a sì sún òǹkà inú COUNTIFS lọ sí C15 àti E15. Ẹ má bẹ̀rù láti tún ìlà gé nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ.

Irú kejì ni ohun tó jọ ọ́. Ìlà kẹsàn-án ló dáa láti fi ṣàpẹẹrẹ. Peachtree ni orúkọ tí ètò ìṣirò owó orí kọ̀ǹpútà yẹn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di Sage 50, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ wa ò sì tíì pa orúkọ àtijọ́ tì. Àbúrò mi mọ ohun tí wọ́n béèrè, orúkọ àná ló fi pè é. Tí ẹni tó ń ṣa síífíì kò bá jẹ́ oníṣirò owó, tàbí tó jẹ́ pé ńṣe ló tẹ “Sage” sínú àpótí ìwákiri kọ̀ǹpútà, síífíì yìí ò ní jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká má pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìkéde. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì pa pọ̀.

Ìlà kẹta náà jẹ́ irú yìí. Láti January 2022 dé September 2024 jẹ́ oṣù 33. Ó ku mẹ́ta kó pé ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ àgùnbánirọ̀, láti November 2020 dé October 2021, ẹ̀ka owó ìjọba ìbílẹ̀ ló wà, fáúṣà ló ń kọ sínú ìwé. Oṣù 12 nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kà á, àwọn kan kì í kà á. Kì í ṣe tiwa láti pinnu fún wọn. Ohun tó yẹ wá ni ká kọ ọ́ lọ́tọ̀, ká dárúkọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ká sọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀, kí wọ́n fi ojú ara wọn rò ó. Ẹni tó bá kọ “ọdún mẹ́rin” gbọnrangandan láìṣàlàyé ń wá wàhálà, nítorí pé wọ́n máa bi í léèrè ọdún kọ̀ọ̀kan.

Irú kẹta ni èyí tí kò sí rárá: owó-orí, àti òwò pípín ọjà. Ìwọ̀nyí kò ṣeé kọ wọ inú síífíì. Wọ́n lè ṣeé kọ́, wọ́n sì lè ṣeé sọ bó ṣe rí.

Ìkarùn-ún: ẹ tún síífíì kọ láti inú àtẹ

Nísinsìnyí ni kí ẹ tó fọwọ́ kan síífíì. Ẹ mú ìlà kọ̀ọ̀kan tó gba 0 tàbí 1 tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rí, ẹ kọ gbólóhùn kan tó ní iṣẹ́, iye àti ìgbà. Ọ̀rọ̀ báńkì àbúrò mi di báyìí:

“Mo ń fi ìwé owó wé ìwé báńkì mẹ́ta ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ní February àti March 2023, mo ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ fún owó tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ tí kò tíì wọlé, mo sì ń tọpa rẹ̀ títí tí báńkì fi san án.”

Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kà á kó má mọ ohun tó ṣe. Ẹ kíyè sí i pé a ò kọ iye owó tó ń wọ ilé-iṣẹ́ náà. Àṣírí ọ̀gá ẹni kọ́ ni wọ́n fi ń wáṣẹ́. Iye báńkì, iye òṣìṣẹ́ tàbí iye ìgbà tó.

Ìlà kejì gba gbólóhùn kúkúrú: ó ti gba ìwé ìparí, November 2021. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí nítorí pé wọ́n rò pé kíkọ ibi tí wọ́n ti sìn ti tó. “ICAN ń bọ̀ lọ́nà” la yọ kúrò pátápátá. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáùntáǹtì Nàìjíríà: Foundation, Skills àti Professional. Ó ti gba Foundation, ó wà lórí Skills. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. “Ń bọ̀ lọ́nà” lè túmọ̀ sí pé ó ti ra fọ́ọ̀mù, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó ń gbèrò rẹ̀ lójú àlá.

Fún ibùgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Agége. Kò kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń gbé. Ó kọ Ìbàdàn, ó fi kún un pé òun á ti kó dé Agége kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi àdírẹ́sì Èkó ránṣẹ́ láti Òṣogbo, wọ́n wá pè é ní ọ̀sán Tuesday pé kó wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Wednesday.

Tí ẹ bá parí, ẹ tún òpó ẹ̀rí dà kọ láti inú síífíì tuntun, látòkè. Ẹ má ṣe kàn yí máàkì padà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, tirẹ̀ di 8, 4 àti 0 nínú méjìlá tó jẹ́ dandan. Àwọn mẹ́rin tó dúró lórí 1 ni iye ọdún, owó-orí, Excel àti ibùgbé. Owó-orí gba 1 nítorí pé ó kọ òótọ́: ó ń ṣètò ìwé owó oṣù tí akáùntáǹtì ìta fi ń ṣírò owó-orí. Excel gba 1 nítorí pé ó mọ VLOOKUP àti SUMIF, ó sì dárúkọ wọn, àmọ́ kò tíì lo PivotTable rí.

Ewu kan wà níbí tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Tí èèyàn bá ti rí àtẹ yìí, ọwọ́ á máa yún un láti da ọ̀rọ̀ ìkéde kọ sínú síífíì kí gbogbo rẹ̀ lè di 2. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé gbólóhùn náà kò ní nọ́ńbà kankan, ó sì bá ìkéde mu dé orí àmì ìdánudúró. A máa ń rí i, a sì máa ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ká kàn lè gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn ká ní “ó yá, ṣe é.”

Ìkẹfà: àwọn tó ṣẹ́kù

Ìwọ̀n tèmi ni pé, lẹ́yìn àtúnkọ, tí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó jẹ́ dandan bá ṣì wà lórí 0, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Tí 0 ẹyọ kan bá wà lórí ìlà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò sì sí ohun tó jọ ọ́, bákan náà ni. Àfikún kì í dá èèyàn dúró. Òwò pípín ọjà wà lórí 0 títí dòní, a ò bá a jà.

Àwọn tó wà lórí 1 ló yẹ ká lo àkókò lé lórí, nítorí pé wọ́n ṣì ṣeé gbé sókè, ibẹ̀ náà sì ni ìbéèrè máa ti wá. Àbúrò mi lo Saturday kan pẹ̀lú PivotTable, ó fi ìwé ọjà sító oṣù mẹ́fà ṣe é, lẹ́yìn tó ti pa orúkọ àwọn oníbàárà rẹ́. Ó fi ọjọ́ kejì kọ́ owó-orí owó oṣù. Kì í ṣe ìṣirò nìkan: ó kọ́ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó náà gbọ́dọ̀ ti wọlé, àti pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni ín. Èyí ṣe pàtàkì fún ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó ń sùn ní Agége, LIRS, àjọ tó ń gba owó-orí ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ máa san tirẹ̀ fún, ẹni tó sì ń ti Ìbafò wá, ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ lónìí, kó fi òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 kọ́ ọ, kó má lo ìwé àtijọ́.

Wọ́n pè é. Ìbéèrè kejì tí wọ́n bi í ni owó-orí. Ó sọ fún wọn pé òun kò tíì fi ọwọ́ ara òun san án rí, ó sọ apá tó ń ṣe nínú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ti Agége àti Ìbafò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bi í bó ṣe ń tọpa àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè ju oṣù kan lọ, ohun tí kò sí níbì kankan nínú ìkéde. Nínú mọ́tò tó ń padà sí Ìbàdàn, ó ṣí àtẹ náà lórí fóònù, ó fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: gbígba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà, Dandan, ẹ̀rí: kò sí, 0.